Owó náà lọ́jọ́ orí: Ohun tí mo rí nínú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan láàárín Ìkirè àti Apòmù

"Lọ́yà mi, wọ́n ní mi ò tíì pé oṣù mẹ́fà nínú ẹgbẹ́."

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò màmá mi kọ́kọ́ sọ nìyẹn nígbà tó pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún tó kọjá. Ọjà Apòmù ló ti ń ta bàtà àti aṣọ ọmọdé. Ọmọ rẹ̀ àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni, owó ilé-ìwé sì ti délẹ̀. ₦150,000 ló fẹ́ yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó wà, ìyẹn kóópù kan tí wọ́n máa ń ṣèpàdé ní Ìkirè, tí àwọn ará Apòmù náà sì pọ̀ níbẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí kì í ṣe olè ni mo fẹ́ fi wọ́n pè.

Òfin ẹgbẹ́ wọn ò le. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó gbọ́dọ̀ ti dá owó fún oṣù mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ yá ju ìlọ́po méjì owó tó ti fi pamọ́ lọ. Àǹtí mi ti ń dá ₦10,000 lóṣooṣù láti oṣù Kìíní. Oṣù mẹ́sàn-án, ₦90,000. Ìlọ́po méjì rẹ̀ ni ₦180,000. ₦150,000 tó ń béèrè ò kọjá ààlà rárá. Síbẹ̀, wọ́n ní orúkọ rẹ̀ ò jáde nínú ìwé títí di oṣù Kẹfà. Lójú ìwé, oṣù mẹ́rin péré ló ti lò.

Kí n tó ráyè lọ síbẹ̀, ó ti yá ₦60,000 lọ́wọ́ àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù. Ẹ mọ irú wọn. Wọ́n ti yọ èlé tiwọn sílẹ̀ kí owó náà tó wọlé, ọjọ́ tó sì máa san án padà ò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dun mí nìyẹn. Obìnrin tó ní ₦90,000 nílẹ̀ ló ń sanwó èlé fún àlejò, nítorí pé ẹnì kan ò kọ déètì sínú ìwé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn, mo sọ̀ ní Ìkirè, mo ra dòdò Ìkirè dání, mo sì lọ bá Bàbá Akọ̀wé lẹ́yìn ìpàdé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n. Wọn ò bínú sí mi. Wọ́n gbé ìwé ńlá méjì jáde nínú àpò, wọ́n sì ní, "Jókòó, ọmọ mi. Kò sí ohun tí mò ń fi pamọ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Gbogbo ₦90,000 àǹtí mi ló wà níbẹ̀. Àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni wàhálà. Àǹtí mi máa ń fi owó ránṣẹ́ láti fóònù sínú àpò báńkì ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù, àmọ́ kì í sáábà ráyè wá sípàdé nítorí ọjà. Bàbá ò sì máa ń kọ nǹkan kan fún ẹni tí kò bá gbé káàdì rẹ̀ wá. Nígbà tó wá yọjú nínú oṣù Kẹfà, wọ́n ka owó tó ti fi ránṣẹ́, wọ́n kọ ₦60,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fi déètì ọjọ́ náà sí i. Owó oṣù mẹ́fà wá di owó ọjọ́ kan.

Mo bi wọ́n pé, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé owó lọ́jọ́ orí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú ìbéèrè yẹn.

Èèsú ò bìkítà fún ọjọ́ orí owó, alájẹṣẹ́kù ò gbọ́dọ̀ má bìkítà

Nǹkan méjì ló máa ń dàrú mọ́ra lójú àwa ọ̀dọ́. Àkọ́kọ́ ni èèsú, tí àwọn bàbá wa ti ń dá kí òyìnbó tó dé. Wílíàmù Báskọ́ọ̀mù, òyìnbó tó wádìí ìṣe Yorùbá ní Ifẹ̀, kọ àpilẹ̀kọ odindi lórí rẹ̀ lọ́dún 1952. Nínú èèsú, bí èèyàn mẹ́wàá bá ń dá ₦10,000, ẹni tó bá kàn yóò kó ₦100,000. Bí ó bá kà yí ká, kálukú ti gba iye tó dá gan-an. Kò sí èlé, kò sì sí èrè. Nítorí náà, ìwé tí èèsú nílò ò pọ̀: ta ló ti dá, ta ló kàn?

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yàtọ̀. Àgbẹ̀ kòkó ló gbé e gbilẹ̀ nílẹ̀ wa. Lọ́dún 1934 ni Síríkílándì kọ àbọ̀ ìwádìí fún ìjọba àmúnisìn lórí bí wọ́n ṣe lè dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin jáde lọ́dún 1935, ẹgbẹ́ àwọn olóko kòkó Gbẹ́dùn, nítòsí Ìbàdàn, sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dún 1937. Ìkirè àti Apòmù náà wà nínú ilẹ̀ kòkó yẹn, ìyẹn ni kò fi yà mí lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ alájẹṣẹ́kù ò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ títí dòní.

Nínú alájẹṣẹ́kù, owó kì í yí ká lásán. Ẹgbẹ́ máa ń kó o jọ, wọ́n á yá ọmọ ẹgbẹ́ pẹ̀lú èlé, èlé yẹn ló sì máa ń di èrè tí wọ́n ń pín lópin ọdún. Bí èlé bá ti wọ ọ̀rọ̀, àkókò ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Owó tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kìíní ti ṣiṣẹ́ ju èyí tó dé lánàá lọ. Bí ìwé ò bá sọ ọjọ́ tí owó dé, kò sẹ́ni tó lè pín èrè náà bó ṣe tọ́, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó.

Ìdí nìyí tí ìwé ẹgbẹ́ fi ní ọ̀wọ́ mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tí a ò sì gbọ́dọ̀ pò wọ́n pọ̀. Ọ̀wọ́ kìíní ni ìpín, tí àwọn kan ń pè ní ṣíà. Owó tí o fi di ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́ nìyí. O kì í yọ ọ́ bó ṣe wù ọ́, ìgbà tí o bá ń kúrò ni o máa ń gbà á. Òfin Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1993 ò jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ní ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ìpín ẹgbẹ́ lọ, kí olówó má baà ra ẹgbẹ́ mọ́ tálákà lọ́wọ́. Ọ̀wọ́ kejì ni owó ìfipamọ́, èyí tí àǹtí mi ń dá lóṣooṣù. Ọ̀wọ́ kẹta ni owó tí o yá, iye tí o ti san padà, àti iye tó kù. Lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, déètì ló gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Méjìdínlọ́gọ́rin àmì

Bàbá Akọ̀wé ní kí n fi hàn wọ́n bí déètì ṣe lè yí owó padà. Mo gba bírò lọ́wọ́ wọn, mo sì ní ká fún gbogbo ₦10,000 tó bá sun nínú ẹgbẹ́ fún oṣù kan ní àmì kan.

₦10,000 tí àǹtí mi dá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní yóò sun oṣù 12 kí ọdún tó parí, àmì 12. Ti oṣù Kejì yóò ní 11. Ti oṣù Kẹta, 10. Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀ títí dé oṣù Kejìlá, tó ní àmì kan ṣoṣo. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, àmì 78 ni. Ní òpin ọdún, owó rẹ̀ nílẹ̀ á jẹ́ ₦120,000.

Ẹ wá jẹ́ ká ní bàbá kan wà tó ní mọ́tò akẹ́rù, tí kò dá kọ́bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, ó mú ₦120,000 wá lẹ́ẹ̀kan. Òun náà ní ₦120,000 nílẹ̀ ní òpin ọdún. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan 12 ni ₦10,000 tó mú wá, oṣù méjì sì ni wọ́n sùn. Àmì 24 péré ló ní.

Ká sọ pé ₦5,100 ló bọ́ sí àwọn méjèèjì lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí èlé orí owó ìfipamọ́. Bí ẹgbẹ́ bá wo iye tó wà nílẹ̀ ní òpin ọdún nìkan, ₦2,550 ni kálukú á gbà. Bí wọ́n bá lo àmì, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 102, àmì kan jẹ́ ₦50. Àǹtí mi á gba ₦3,900, bàbá ọlọ́kọ̀ akẹ́rù á gba ₦1,200.

Bàbá Akọ̀wé dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Òpin ọdún la ti ń wò látọjọ́ yìí." Wọ́n tún ní àwọn kan wà tó jẹ́ pé oṣù Kọkànlá ni wọ́n máa ń rántí ẹgbẹ́, tí wọ́n á sì kó owó wọn jáde ní oṣù Kìíní. Wọn kì í ṣe ọ̀daràn o. Ọgbọ́n ni wọ́n ń dá. Owó yẹn ò sì wà nílẹ̀ ní oṣù Kẹrin tàbí Kẹjọ tí wọ́n ń fi owó àwọn ìyá ọlọ́jà yáni. Àwọn tó fi owó ṣiṣẹ́ ló ń fún wọn jẹ láìmọ̀.

Ẹ padà sí ₦60,000 tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù Kẹfà. Bí wọ́n bá tiẹ̀ lo àmì, owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù láti oṣù Kẹfà: oṣù méje lọ́nà mẹ́fà, àmì 42. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kọ ọ́ bó ṣe dé ni, àmì 57 ni ì bá ní. Àmì 15 ti wọlẹ̀ lọ. Ní ₦50 lórí àmì kan, ₦750 nìyẹn. Owó náà kéré lójú. Àmọ́ àmì 15 yẹn kan náà ló sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ oṣù mẹ́rin lọ́jọ́ tó fẹ́ yáwó.

Ọ̀nà yìí náà ní ààlà tirẹ̀. Ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ dé kí oṣù náà tó kà. Bí òfin wọn bá sọ pé ọjọ́ 10 ni, owó tó bá dé lọ́jọ́ 11 á dúró de oṣù tó ń bọ̀. Bákan náà, ẹni tó bá yọ owó láàárín ọdún, àmì rẹ̀ á dín kù láti oṣù tó yọ ọ́. Kí wọ́n kọ èyí sínú òfin ẹgbẹ́ kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ pín owó.

Àmì kan náà lórí gbèsè

Bí àmì ṣe ń ṣiṣẹ́ fún owó ìfipamọ́ náà ló ṣe ń ṣiṣẹ́ fún owó tí èèyàn yá. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ máa ń sọ pé, "Èlé wa ò ju ₦10 lórí ₦100 lọ lọ́dún." Ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ẹ bi wọ́n pé lórí owó wo.

Ẹni tó yá ₦120,000, tó ń san ₦10,000 padà lóṣooṣù, ò jẹ ₦120,000 fún odindi ọdún. Oṣù kìíní ló jẹ ẹ́. Oṣù kejì, ₦110,000 ló kù. Oṣù kẹta, ₦100,000. Nígbà tó bá di oṣù kejìlá, ₦10,000 péré ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ ka àmì rẹ̀: 12, 11, 10, títí dé 1. Àmì 78 náà ló tún jáde.

Bí ẹgbẹ́ bá gba èlé lórí ₦120,000 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ₦12,000 ni. Bí wọ́n bá gba a lórí èyí tó kù lóṣooṣù, ₦6,500 ni. Iye kan náà ni wọ́n pè, "₦10 lórí ₦100", síbẹ̀ ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èkejì. Mi ò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹgbẹ́ gba ₦12,000. Bí ìpàdé bá fọwọ́ sí i, èrè náà ṣì ń padà sápò àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí ẹni tó ń yáwó mọ èyí tó ń fọwọ́ sí, kí àwọn onídùúró rẹ̀ méjèèjì náà sì mọ̀ ọ́n, torí àwọn ni wọ́n á kàn lára bó bá sá.

Ọjọ́ ìṣírò ọdún

Nínú oṣù Kejì ọdún yìí ni wọ́n ṣe ìpàdé ọdún. Àǹtí mi ní kí n tẹ̀ lé òun. Mo jókòó sẹ́yìn, torí mi ò kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n pín ìwé ìṣírò ojú kan fún gbogbo èèyàn, alága kà á, ọ̀pọ̀ sì ń wo ibi kan ṣoṣo: èlò ni màá gbà?

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti ka ìwé yẹn rèé. Apá kan ń sọ ibi tí owó ti wá: ìpín àwọn ọmọ ẹgbẹ́, owó ìfipamọ́ wọn, owó àpamọ́ ẹgbẹ́, àti èrè tí wọn ò tíì pín. Apá kejì ń sọ ibi tí owó náà wà báyìí: èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn tó yáwó, èyí tó wà ní báńkì, èyí tó wà lọ́wọ́ akápò. Àpapọ̀ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Àmọ́ pé wọ́n dọ́gba ò tíì sọ pé òótọ́ ni wọ́n. Ìṣirò lè dọ́gba lórí irọ́.

Ohun tó ń fi òótọ́ hàn ni káàdì yín. Bí ìwé ìṣírò bá sọ pé owó ìfipamọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ iye kan, tí ẹ bá ro owó tó wà lórí káàdì gbogbo èèyàn pọ̀, iye yẹn gan-an ló gbọ́dọ̀ jáde. Lọ́jọ́ náà, ìyá kan gbà wá níyànjú pé ká dán an wò. Bàbá Akọ̀wé ń ka orúkọ àti iye, olúkálukú ń dáhùn láti orí káàdì rẹ̀, ọmọ kan sì ń rò ó lórí fóònù. Ó gbà tó wákàtí kan. Nígbà tí a parí, ìwé ìṣírò ní ₦2,400,000. Káàdì ní ₦2,370,000.

Ariwo ta. Ẹnì kan ti ń wo ojú akápò. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wá iye tó yàtọ̀ yẹn nínú ìwé, ₦30,000, wọ́n bá a. Ọkùnrin kan ló mú un wá nínú oṣù Kẹjọ láti fi san gbèsè, ẹni tó ń kọ ìwé ìṣírò sì gbé e sí ọ̀wọ́ owó ìfipamọ́. Owó ìfipamọ́ wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ₦30,000, gbèsè náà sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní iye kan náà. Ìyẹn ni ìwé fi dọ́gba. Láti oṣù Kẹjọ yẹn ni ọkùnrin náà sì ti ń san èlé lórí ₦30,000 tó ti san tán.

Ohun kejì tí mo bá wọn wò ni ọjọ́ orí gbèsè. Nínú ìwé ìṣírò, gbogbo owó tó wà níta máa ń jókòó sójú ìlà kan, tí á sì máa dán bí ọrọ̀. Àmọ́ owó tí ẹnì kan yá ní oṣù méjì sẹ́yìn, tó ń san déédéé, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ẹlòmíì ò ti fọwọ́ kàn láti oṣù 14. Ẹ ní kí wọ́n pín gbèsè sí ọ̀nà mẹ́ta fún yín: èyí tó ń lọ déédéé, èyí tó ti kọjá oṣù mẹ́ta láìsan, àti èyí tó ti kọjá ọdún kan. Wọn ò ní láti dárúkọ ẹnikẹ́ni, torí gbèsè aládùúgbò yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbé káàkiri.

Kí ló dé tí èyí fi ṣe pàtàkì sí èlé yín? Torí pé àwọn akọ̀wé kan máa ń kọ èlé tí onígbèsè *yẹ kó san* sílẹ̀ bí ẹni pé ó ti san án. Lórí ìwé, ẹgbẹ́ ti jèrè. Wọ́n á wá fi owó tó wà ní báńkì, ìyẹn owó tí ẹ̀yin fúnra yín dá, san èlé fún yín. Ẹ̀ ń jẹ ara yín nìyẹn, ẹ sì ń dúpẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń tú u: "Nínú èlé tí ẹ kọ yìí, èló ló ti wọlé ní owó gidi?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni èrè tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ìnáwó àti èlé orí owó ìfipamọ́. Òfin 1993 yẹn ní kí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, ó kéré tán, lọ sínú owó àpamọ́. Bí èrè bá jẹ́ ₦100,000, ₦25,000 á wọlé síbẹ̀, ₦75,000 tó kù ni ìpàdé lè pinnu lé lórí, bóyá láti fi san èrè orí ìpín. Owó àpamọ́ yẹn ló ń gba ẹgbẹ́ lọ́jọ́ tí onígbèsè bá sá. Òfin náà tún ní kí wọ́n máa yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò lọ́dọọdún, kí ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ wà fún yíyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí a sì gbé ìjà tó bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹgbẹ́ lọ sọ́dọ̀ olórí ẹ̀ka alájẹṣẹ́kù ìjọba. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń sáré pe lọ́yà, ibẹ̀ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ti àǹtí mi ńkọ́? A ò ní láti bá ẹnikẹ́ni jà. A ṣí ìsọfúnni báńkì lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà hàn pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n lọ. Bàbá Akọ̀wé fẹ́ fi rọ́bà pa ìlà ₦60,000 náà rẹ́, mo ní rárá. Ìwé tí a pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á gbọ́ mọ́. Wọ́n fa ìlà kan ṣoṣo lé e lórí kó ṣì ṣeé kà, wọ́n kọ owó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sísàlẹ̀ pẹ̀lú déètì wọn, Bàbá àti alága fọwọ́ sí i. Nínú oṣù Kẹwàá, wọ́n yá a ní ₦150,000. Ó fi lára rẹ̀ san gbèsè orí fóònù yẹn kúrò, ó sì fi ìyókù kún owó ilé-ìwé.

Ìpàdé ọdún náà sì fẹnu kò pé àmì ni wọ́n á máa lò láti ọdún yìí lọ. Bàbá ọlọ́kọ̀ kan dìde, ó ní kò dáa. Wọ́n bi í pé kí nìdí. Kò rí èsì sọ.

Nígbà tí mo ń wọ mọ́tò padà sí Ìbàdàn, àǹtí mi na káàdì rẹ̀ sí mi láti ojú wíńdò. Ó ti fi bírò pupa kọ déètì owó oṣù Kejì síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kí Bàbá tó fọwọ́ sí i. "Wò ó," ó ní, "àmì mọ́kànlá."